Ẹsẹ Jákọ́bù tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọ̀dọ́ tó ń béèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà ní yunifásítì, mo sì wà nínú akọrin ìjọ wa. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ ń gbọ́ àdúrà mi? Ṣé Jésù jíǹde lóòótọ́? Olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa ní Jákọ́bù 1:6-7 ti dá mi lẹ́jọ́, pé mi ò lè rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ Olúwa, àfi kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kí wọ́n lè lé ẹ̀mí iyèméjì kúrò lára mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá? Ṣé kí n kúrò nínú akọrin ná?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kankan. Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ yẹn lé wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé Bíbélì rẹ̀ wá bá mi nígbà kan, ó ti fi báírò fàlà sábẹ́ Jákọ́bù 1:7 léraléra títí bébà fi lu. Ìgò òróró kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n tà fún un pé kó máa fi pa iwájú orí lóru. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí, nítorí Májẹ̀mú Tuntun ni mo fi ń kọ́ àwọn tó ń múra àtidi àlùfáà, mo sì mọ ohun tí ẹsẹ yẹn kò sọ.

Ka ẹsẹ karùn-ún ná, èyí tí wọn kì í kà fún ẹnikẹ́ni. Jákọ́bù ní bí ọgbọ́n bá kù fún ẹnì kan nínú yín, kó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹni tó ń fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí kì í sì í bá ni wí nítorí pé a béèrè. Ẹni tí nǹkan kò yé ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ìwọ tí o fẹ́ mọ òtítọ́, inú ẹsẹ karùn-ún ni o wà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ kẹfà lé ọ jáde kúrò nínú ẹsẹ karùn-ún ti gé lẹ́tà náà sí méjì.

Ta wá ni ẹni tó ń ṣiyèméjì, tí ẹsẹ kẹfà ní ó dà bí ìgbì òkun? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Jákọ́bù lò níbẹ̀ ni diakirínómáì. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pípín, kí ènìyàn pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ láàárín ohun méjì. Ó tún lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà ní orí kejì, ẹsẹ kẹrin. Níbẹ̀, ọlọ́rọ̀ kan wọ ilé ìjọsìn pẹ̀lú òrùka wúrà, wọ́n fún un ní àga tó dára. Tálákà wọlé pẹ̀lú aṣọ ìdọ̀tí, wọ́n ní kó dúró sí ọ̀hún tàbí kó jókòó sílẹ̀. Jákọ́bù ní ẹ ti pín ara yín. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìwádìí nípa ìgbàgbọ́ nínú ìtàn yẹn. Àwọn tó ń pe orúkọ Olúwa ni, tí ojú wọn sì wà lára owó.

Ní ẹsẹ kẹjọ orí kìíní, ó pe ẹni náà ní oníyè méjì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ibẹ̀, dipisúkọ́sì, ọlọ́kàn méjì ló túmọ̀ sí gan-an. Ibi méjì péré ló ti jáde nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, inú lẹ́tà Jákọ́bù ni méjèèjì sì wà. Ìkejì wà ní 4:8: ẹ wẹ ọwọ́ yín mọ́, ẹ sọ ọkàn yín di mímọ́, ẹ̀yin oníyè méjì. Wo ẹsẹ mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn 4:4. Àwọn tó fẹ́ bá ayé ṣọ̀rẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń bá wí. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní èkejì níbòmíràn, tó sì fẹ́ jẹ níhìn-ín jẹ lọ́hùn-ún, ni Jákọ́bù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò ní tàn ọ́: àwọn onímọ̀ kan ṣì gbà pé 1:6 tún kan ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run lè dáhùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè kà á tí ẹni tó ń sunkún torí pé ó fẹ́ gbàgbọ́ yóò di ọ̀tá Ọlọ́run.

Èdè wa náà dá kún ìṣòro yìí. "Ṣiyèméjì" nìkan là ń lò fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì bíi mélòó kan. Nígbà tí Pétérù bẹ̀rẹ̀ sí rì lójú omi, tí Jésù bi í pé èéṣe tó fi ṣiyèméjì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni Mátíù kọ síbẹ̀, dìsításò, ìyẹn kí ẹsẹ̀ ènìyàn má lè pinnu ibi tí yóò gbé e sí. Wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò tẹ̀ léra ní Mátíù 14:31. Jésù kọ́kọ́ na ọwọ́, ó di Pétérù mú, kó tó wá béèrè. Ibòmíràn kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà tún ti jáde ni 28:17. Àwọn mọ́kànlá wà lórí òkè ní Gálílì, wọ́n rí Jésù lẹ́yìn tó jíǹde, wọ́n foríbalẹ̀, àwọn kan sì ṣiyèméjì. Jésù kò yọ àwọn kan yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sún mọ́ gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ orílẹ̀-èdè gbogbo.

O bi mí bóyá àdúrà rẹ lè gbà. Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú wá bá Jésù ní Máàkù 9 dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó ké pé òun gbàgbọ́, kí Olúwa ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Ọmọ náà yá lọ́jọ́ yẹn, bàbá náà kò sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ àdúrà tó wà ní ẹsẹ 29, tí àwọn Bíbélì kan fi ààwẹ̀ kún, àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò lè lé ẹ̀mí náà jáde ni Jésù sọ ọ́ fún. Àwọn tó ń gbàdúrà fún ènìyàn ló kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Sakaráyà bàbá Jòhánù dẹ́rù bà ọ́, òótọ́ ni, ó yadi nítorí pé kò gba ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì gbọ́. Ọmọ tó fi àdúrà béèrè ṣì dé.

Ní ti akọrin, jẹ́ kí n sọ ti Jọ́ọ̀nù Wẹ́sílì fún ọ, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ara rẹ̀ jáde. Ní March 1738, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n ti fi jẹ àlùfáà tipẹ́, ó ti wàásù lókè òkun pàápàá. Ọjọ́ karùn-ún oṣù náà bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ọ́sífọ́ọ̀dù, ó wá dá a lójú pé òun kò ní ìgbàgbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kó fi ìwàásù sílẹ̀. Ó gbé e lọ bá Pítà Bọ́ọ̀là, ọmọ ìjọ Moráfíà, ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀là ní rárá o. Wẹ́sílì ní kí ni kí òun wá máa wàásù? Ó ní kó máa wàásù ìgbàgbọ́ títí yóò fi ní in. Nígbà tó bá sì ní in tán, yóò máa wàásù rẹ̀ nítorí pé ó ní in. Ní ọjọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, Wẹ́sílì bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún ni ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti fò lọ sí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù May ọdún náà, nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbóná lọ́nà àjèjì ní ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí wọ́n sì parí ìtàn síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù January 1739, Wẹ́sílì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun kì í ṣe Kristẹni. Kò sì dá iṣẹ́ dúró. Nítorí náà má kúrò nínú akọrin tìtorí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Bí tiyín bá béèrè pé kí akọrin ṣe ìjẹ́wọ́ kan tí ẹnu rẹ kò lè sọ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, sọ òtítọ́ fún olórí akọrin, má purọ́.

Ṣé gbogbo iyèméjì ló wá dára? Rárá. Ìwé Katikísímù tí ìjọ Kátólíìkì gbé jáde ní 1992 pín in dáadáa, èmi tí n kì í ṣe Kátólíìkì sì ń lò ó. Ó ní iyèméjì àmọ̀ọ́mọ̀ṣe wà, nígbà tí ènìyàn kọ̀ láti gba ohun tó mọ̀ pé Ọlọ́run ti fi hàn. Èyí tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe wà: kí ó ṣòro fún ni láti gbàgbọ́, kí àtakò kan máa dani láàmú, kí ẹ̀rù máa bani torí pé nǹkan kò hàn kedere. Ó kìlọ̀ pé bí ènìyàn bá ń mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú iyèméjì, ó lè fọ́ ojú ọkàn. Bí o ṣe lè dá wọn mọ̀ ni kí o bi ara rẹ pé: bí mo bá rí ìdáhùn lónìí, ṣé inú mi á dùn, àbí màá wá àtakò mìíràn kí n má baà yí ìwà kan padà? Ìwọ nìkan ló lè dáhùn ìyẹn.

Ìbéèrè méjì lo bi mí, má fi ọ̀nà kan náà lépa wọn. Ti àjíǹde ní ẹ̀rí tí a lè yẹ̀ wò. Ka 1 Kọ́ríńtì 15:3-8, kí o wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe to orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, tó sì ní nínú àwọn tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó rí Jésù, ọ̀pọ̀ ṣì wà láàyè nígbà tí òun ń kọ̀wé. Ẹni tó kọ irú èyí ń sọ fún olùkàwé pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Wá àlùfáà tó kàwé, jókòó tì í, kí o bi í ní ohun tó bá wù ọ́. Ti àdúrà tó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rí. Mú Orin Dáfídì 88, kí o kà á sókè ní alẹ́. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ísírẹ́lì sì kọ ọ́ lórin nínú ìjọsìn.

Èmi kì í ṣe dókítà. Bí èrò kan bá ń padà wá lójoojúmọ́ tí o kò lè dá a dúró, bí oorun bá ti lọ, tàbí tí ó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o kú, lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí o sì sọ fún ẹnì kan nínú ilé. Bí o bá ní ọgbẹ́ inú, ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún léwu fún ọ, ẹni yòówù tó pàṣẹ rẹ̀.

Má fi ìwé mi bá olórí ẹgbẹ́ àdúrà rẹ jà. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Ṣí Júúdà ẹsẹ 22 fún un. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kò fẹnu kò lórí bí ẹsẹ náà ṣe lọ gan-an, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní ṣe gbé e ni pé kí ẹ ṣàánú fún àwọn tó ń ṣiyèméjì, diakirínómáì inú Jákọ́bù 1:6 gan-an ló sì wà níbẹ̀. Bi í bóyá ẹ lè jọ kà á.