Fúrúkitósámìnì ló tú àṣírí ṣúgà mi

*"SC ni ẹ̀jẹ̀ bàbá mi, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. HbA1c wọn jáde ní 5.2, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ìka wọn wò nílé ń ka 180 sí 200 láràárọ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́?"*

Ẹ má gbára lé 5.2 yẹn. SC ni èmi náà, ọdún kan gbáko ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fi tàn mí jẹ. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Èsì mi jáde ní 5.1, dókítà bá mi yọ̀, ó sì dín oògùn mi kù sí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ mò ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, òùngbẹ sì ń gbẹ mí tọ̀sán-tòru. Ó ní ẹ̀rọ ilé mi ló ń purọ́.

Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni HbA1c ń kà. Sẹ́ẹ̀lì ẹni AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ó ráyè kó ṣúgà jọ. Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Tuntun ló pọ̀ níbẹ̀, ṣúgà ò sì tíì ráyè lẹ̀ mọ́ ọn, ni nọ́ńbà ṣe ń kéré.

Dókítà mìíràn ní Ìbarà ló kọ àyẹ̀wò fúrúkitósámìnì fún mi. Èyí ò kan sẹ́ẹ̀lì pupa rárá. Purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ ló ń wò, pàápàá álíbúmìnì, tó máa ń tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó kọjá ló ń sọ. Wọn ò ní kí n má jẹun wá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkó, èsì dé lọ́jọ́ kẹfà: 412 µmol/L. Ti ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà sábà máa ń wà láàárín 200 sí 285. Dókítà ṣe ìṣirò yìí níṣojú mi:

```
HbA1c = 0.017 × 412 + 1.61 = 8.6
```

Ìfojúdíwọ̀n ni o, ṣùgbọ́n 8.6 jìnnà sí 5.1. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ó dá oògùn mi padà, ó fi òmíràn kún un, mo sì dín òkèlè láfún alẹ́ kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, 331 ni a rí, a sì mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n wọn álíbúmìnì bàbá pọ̀ mọ́ ọn. Bí kíndìnrín bá ń da purotéènì sínú ìtọ̀, tàbí ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn, álíbúmìnì á wálẹ̀, fúrúkitósámìnì náà á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ̀ tó ń wú àti ìtọ̀ tó ń hó ni kí ẹ máa ṣọ́. Tèmi jẹ́ 39 g/L. Tó bá ti wà lábẹ́ 30, kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ilé yẹn dání lọ sí ibi àyẹ̀wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré lára, ẹ̀rọ ìka lè fi díẹ̀ kún un. Láàárọ̀ kan náà, tèmi ka 186, ti ilé àyẹ̀wò sì ka 171. Ó fi díẹ̀ kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà náà wà níbẹ̀.