Mo ti sanwó, ẹni tó tà á kò tú USDT sílẹ̀

"Mo ra USDT lórí P2P láàárọ̀ yìí. Mo ti fi owó ránṣẹ́, ẹni tó tà á ní òun ò rí áláàtì. Ó ní kí n tẹ Cancel, kí òun lè dá owó mi padà. Àwọn tó ń dá ẹjọ́ níbẹ̀, kí ni wọ́n ń wò gan-an?"

Ẹ má tẹ Cancel o! Bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Áàpù ló ti kọ́íìnì yẹn mọ́lẹ̀ báyìí, kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ Cancel pẹ́nrẹ́n, ó ti padà sápò rẹ̀ nìyẹn, owó yín náà sì wà ní báǹkì rẹ̀. Mo gbà pé ẹ ti tẹ bọ́tìnnì tó ní ẹ ti sanwó kí àsìkò tó tán. Ẹ ṣí Appeal, kí àwọn onídàájọ́ áàpù lè dá sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí níyà. USDT 150 ni mo rà ní ₦1,600 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦240,000 lápapọ̀, tí mo fẹ́ fi san owó ọjà ní Ṣáínà. Àkáǹtì tèmi ti dé òpin ohun tó lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́, ni mo bá sanwó láti àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni mo ti gbé e. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló jáde lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, orúkọ tèmi ló sì wà lórí áàpù. Ó kọ́kọ́ ní òun ò rí nǹkan kan. Lálẹ́ ó ní òun rí owó, àmọ́ òun ò mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, bóyá owó olè ni.

Oorun di àwátì. Mo fi àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́ sí àwọn onídàájọ́, wọ́n ní kò tó. Wọ́n ní àwọn mọ bó ṣe ń ṣe mí. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n fi gbólóhùn kan náà ránṣẹ́ sí mi! Mo lọ sí báǹkì, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí n padà wá lọ́la. Ọjọ́ kejì ni mo tó gba sítétímẹ́ǹtì tó ní òǹtẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni Session ID tó wà lórí rìsíìtì. Nọ́ńbà 30 ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí báǹkì tí owó ti jáde, 12 tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ yẹ tiyín wò. Òun ni báǹkì ẹni tó tà á lè fi wá owó náà rí. Bó bá jẹ́ pé báǹkì kan náà lẹ jọ ń lò, ẹ lè má rí i, sítétímẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ fà yọ.

Àwọn onídàájọ́ wọ̀nyẹn ò lè wo inú báǹkì ẹnikẹ́ni. Ayédèrú áláàtì pọ̀ nígboro, ìdí nìyẹn tí àwòrán ò fi jọ wọ́n lójú. Orúkọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, bóyá ti ẹni tó sanwó bá ti orí áàpù mu. Lẹ́yìn náà, ṣé owó jáde lóòótọ́, ṣé kò tíì padà? (Ẹ yẹ àkáǹtì yín wò, bí báǹkì bá ti dá a padà, ẹ ò lẹ́jọ́.) Bí tiyín bá dúró, wọ́n á yíjú sí i: kó mú sítétímẹ́ǹtì wá, tàbí fídíò ibi tó ti ń ṣí áàpù báǹkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá dákẹ́ títí àsìkò tí wọ́n fún un fi kọjá, ẹ̀yin ni wọ́n sábà máa ń tú u fún.

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ. Wọ́n ní kó dá ₦240,000 padà sí àkáǹtì tó ti wá gan-an, ìgbà tí mo ní mo ti rí i ni wọ́n tó dá kọ́íìnì padà fún un. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn. USDT kan ti di ₦1,640, owó mi ò ra ju 146 àti díẹ̀ lọ mọ́.

Nǹkan míì, ẹ má kọ USDT síbi àlàyé owó tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́. Lóṣù Kejì 2021 ni báńkì àpapọ̀ ní kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe òwò yìí. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ lóṣù Kejìlá 2023, ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn tó ń tà. Ẹ má sì lọ sọ fún báǹkì kí wọ́n gba owó náà padà nígbà tí Appeal ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa di gbájúẹ̀.

Bí ẹni tó tà á bá pè yín, ẹ má gbé e. Kó kọ ọ́ sínú ṣáàtì áàpù, wọn kì í sábà ka ti Wáásáàpù kún ẹ̀rí. Àkáǹtì ta lẹ fi sanwó gan-an? Ẹ ò sọ.