Gbólóhùn kan ti tó fún ọdún mẹ́fà yẹn

"Ẹ̀yin ará, akáǹtáǹtì ni mí. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2019 nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi. Ara wọn ti ń mókun báyìí, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni wọ́n wà. Mo fẹ́ kọ̀wé lórí LinkedIn sí ẹnì kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà yìí tí kò fi ní dà bíi pé mò ń tọrọ àánú?"

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Bàbá mi ni èmi tọ́jú, àìsàn kan náà, iṣẹ́ kan náà la sì jọ ń ṣe.

Gbólóhùn kan ni kí ẹ fi sọ ọ́, kó má sì jẹ́ èyí tó ṣíwájú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Ìkẹjà jẹ́ kí n wo fóònù rẹ̀ nígbà kan. Orúkọ èèyàn tò lọ bẹẹrẹ, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló sì ń hàn lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé..." ló kún ibẹ̀. Ó ń fò wọ́n kọjá ni, kì í ṣe pé ó burú. Kò kàn rí iṣẹ́ tí olúwarẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀.

Nǹkan méjì péré ló ń kọ àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ lóminú nípa ẹni tó ti pẹ́ nílé: ṣé kò ní tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta sí i, àti pé ṣé iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Orúkọ àìsàn màmá, ilé ìwòsàn tí ẹ gbé wọn lọ, owó tó bá a lọ, kò sí èyí tó dáhùn ìkankan nínú méjèèjì. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí (Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ tiyín, ká kàn lè jọ gbọ́ ara wa yé ni):

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo rí i pé ẹ ń wá akáǹtáǹtì fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn. Ọdún méje ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ náà. Èmi ni mò ń parí ìwé owó oṣooṣù, tí mo sì ń ṣètò owó-orí. Láti 2019 di 2025, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá mi, àmọ́ ẹlòmíì ti gba ìtọ́jú náà, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ka òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, mo sì ń fi ìwé owó ilé ìtajà kan dánra wò. Ṣé kí n fi síìfì mi ránṣẹ́?"

Ẹ wo gbólóhùn karùn-ún dáadáa. Ó ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, ó sì sọ ẹni tí ìtọ́jú wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. "Ẹlòmíì ti gba ìtọ́jú náà" ló ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ọ́. Ẹ sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa ń ṣòro jù fún àwa akáǹtáǹtì, torí òfin kò dúró dè wá. Nígbà tí ẹ kúrò, 5% ni owó-orí ọjà. Ó di 7.5% ní February 2020. Ní 2021, TaxPro Max dé fún fífi ìwé owó-orí ránṣẹ́. FIRS gan-an ti di Nigeria Revenue Service báyìí. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ti ka òfin tuntun, tí ẹ wá ń pe 5% lórí fóònù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Torí náà, ẹ kà á ná kí ẹ tó kọ̀wé. Ilé ìtajà tí mo kọ yẹn náà, bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá sì jẹ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN, ẹ san gbèsè owó ọdọọdún yín kí ẹ tó fi orúkọ ẹgbẹ́ sí i.

Àwọn kan á ní kí ẹ na ọjọ́ tí ẹ fi ibi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ dé 2021. Èmi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n á pe ibẹ̀, wọ́n á béèrè, ẹ̀rí á sì jáde. Lórí LinkedIn fúnra rẹ̀, àyè wà tí wọ́n pè ní Career break. Ẹ kọ ọdún kan náà síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìwé kékeré tó ń bá ìbéèrè láti di ọ̀rẹ́ lórí LinkedIn lọ nìkan ni ẹ lè fi ránṣẹ́, àyè ibẹ̀ kéré púpọ̀, kò lè gba ìtàn. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti èyí tí ẹ rí, kí gbólóhùn ìtọ́jú dúró di ìgbà tí wọ́n bá dáhùn. Bí wọ́n bá wá béèrè ohun tó ṣe màmá, "Rọpárọsẹ̀ ni, ara wọn ti ń yá" ti tó. Kí ẹ sì bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá mú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.