Ìdá 94 yẹn ńkọ́?

Ìwé ìwádìí tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò ní wọ́ọ̀dù sọ pé ìbéèrè Ẹ́dínbọ́rà ń dá ìyá 94 mọ̀ nínú 100 tó ní ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ibo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ wo àwọn tí máàkì wọn kéré: mélòó nínú wọn ni dókítà ọpọlọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá 400 tó dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá náà. 60 gba máàkì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 30. Dókítà bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, ó rí ìsoríkọ́ lára 30. Nínú 340 tó kù, 34 péré tí wọ́n fi ìbò mú ló rí, 2 nínú wọn sì ní in. Òǹkọ̀wé fi 32 pín 30, ó ní 94 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹni 34 yẹn ń ṣojú fún 340, torí náà 2 yẹn dúró fún 20. 30 nínú 50 ni òótọ́ ọ̀rọ̀: 60 nínú 100. Ẹni 2 kéré gan-an o, kò sí bí 60 náà ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí wọn kò bá kọ iye àwọn tí máàkì wọn kéré tí dókítà bá sọ̀rọ̀ rárá, èmi ò ní gba ìdá kankan nínú ìwé náà gbọ́.

Ẹ tún wò ó bóyá dókítà ti mọ máàkì kó tó bi ìyá léèrè, àti bóyá ìgbà tí èsì ti dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú máàkì 10 ṣe ààlà.