Róbọ́ọ̀tì ti dúró, ọ́dà kò dúró

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kọ ọ́ sínú róbọ́ọ̀tì tó ń bá mi ṣòwò lórí MT5 pé tí àdánù bá ti pé 30 dọ́là lóòjọ́, kó má ṣí òwò tuntun mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, 71 ló lọ. Ṣé kí n máa tètè pa láptọ́ọ̀pù ni? (Láti Ṣùúrùlérè)

Ìdáhùn: Àbúrò, fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ọ́dà tó o ti fi ránṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ bírókà ló wà. Bí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò dá, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Àwọn tó ń ta róbọ́ọ̀tì lórí Wasaapu kì í sọ èyí fún yín, ó sì ti sú mi.

Wo àkọsílẹ̀ tó o fi ránṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún dọ́là lo fi jí. Òwò tó ti parí gbé 18 lọ, ìyẹn nìkan sì ni róbọ́ọ̀tì rẹ kà. Méjì tó ṣì wà ní ṣíṣí ti jẹ 21 àti 14. Ọ́dà kan tó ti ń dúró de iye tó o dá fún un wá wọlé, ó jẹ 18 míì. Equity ló yẹ kó o máa wò, ìyẹn owó tó máa kù bí gbogbo òwò bá parí báyìí. Balance kì í ka èyí tó ṣì wà ní ṣíṣí.

```
double adanu = GlobalVariableGet("equity_aaro")
             - AccountInfoDouble(ACCOUNT_EQUITY);
if(adanu >= 25.0) {
   GlobalVariableSet("duro", 1);
   GlobalVariablesFlush();
}
```

Inú OnTimer ni kó o fi í sí, pẹ̀lú EventSetTimer(1) nínú OnInit, kó lè máa jí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. OnTick kì í jí bí iye ohun tó wà lórí ṣáàtì náà ò bá yí. Ìlà Flush yẹn ló ń kọ àmì náà sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀, kí iná tó lọ lójijì má baà pa á rẹ́, kí róbọ́ọ̀tì wá jí bí ẹni tí nǹkan ò ṣe.

Bí "duro" bá ti di 1, kí gbogbo róbọ́ọ̀tì orí àkáǹtì náà máa kà á kí wọ́n tó fi ọ́dà ránṣẹ́. Kọ́kọ́ fagi lé àwọn ọ́dà tó ń dúró, kó o wá ti àwọn òwò tó wà ní ṣíṣí. Bírókà lè kọ ọ̀kan, nítorí náà máa tún un kà títí kò fi ní ku ẹyọ kan. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan bọ́tìnnì Algo Trading kí èyí tó parí! Bó o bá pa á, róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ò ní lè ti òwò kankan mọ́. Ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi dá "duro" padà sí 0, lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gànjọ́ òru bírókà sábà máa ń bọ́ sí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ ní Èkó. Ìgbà yẹn ni kó o kọ "equity_aaro" tuntun.

Mo kọ 25 torí pé 30 kò dájú. Bí iye bá fò lójijì, ibi tó bá bọ́ sí ni bírókà máa ti òwò rẹ, èmi ò sì lè dúró fún un. Lórí àkáǹtì démò, fi ìwọ̀n náà sí dọ́là kan, ṣí òwò, fi ọ́dà kan sílẹ̀ kó máa dúró, kó o pa MT5 lójijì, kó o tún un ṣí. Bí ọ́dà tuntun bá wọlé lẹ́yìn tí ìwọ̀n ti kọjá, má tíì fowó gidi sí i.