Fato àti fatto: èwo ló gùn gan-an?

«Ẹ̀yin àgbà, mo gba ohùn àwọn ará Ítálì mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n ka fato àti fatto. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo ohùn, t inú fatto gùn, ṣùgbọ́n a inú fato náà gùn ju ti fatto lọ. Èwo ni kí n kọ pé ó ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀?»

Àbúrò mi, kọ́ńsónáǹtì ni. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí o fa ìlà sí, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n wọn t láti ibi tí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ti parí títí dé ibi tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é látòkèdélẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, olùdánwò tó wá láti ìta ní rárá o, àsìkò tí ẹnu fi pa dé nìkan ni ká kà, kí n yọ èémí tó tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. Ọ̀gá mi jókòó síbẹ̀, kò la ẹnu. Mo padà lọ ṣí gbogbo TextGrid, àwọn fáìlì tí Praat ń tọ́jú ìlà wọ̀nyẹn sí, mo ń wá ibi tí ahọ́n ti tú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú fi ń ta mí. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀nà méjèèjì ló dára. Wọn kò kàn ní sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó mú ọ̀kan, kó sì kọ èyí tó mú sílẹ̀.

Nítorí náà, ìlà mẹ́ta ni kí o fà sí t kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn ọ̀já dúdú ti fáwẹ̀lì ti parẹ́ nínú àwòrán ohùn, ibi tí ahọ́n ti tú tí ìgbì ohùn ta sókè lójijì, àti ibi tí ìgbì fáwẹ̀lì kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé. Ká ní ẹnu pa dé fún 90 mìlísẹ́kọ́ńdì nínú fato, 180 nínú fatto. Ìlọ́po méjì nìyẹn. Fi 20 ti èémí kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 110 àti 200, kò sì pé ìlọ́po méjì mọ́. Tí ìlà mẹ́ta bá wà ńlẹ̀, èyíkéyìí tí wọ́n bá béèrè, wàá rí i yọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní iye kan pé «tó bá ju èyí lọ, ó ti gùn». T gígùn ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀ lè má ju t kúkúrú ẹni tó ń fà á lọ. Fi fáwẹ̀lì tó ṣáájú pín kọ́ńsónáǹtì. Tí a inú fato bá jẹ́ 180, 90 lórí 180 jẹ́ 0.5; tí ti fatto bá jẹ́ 120, 180 lórí 120 jẹ́ 1.5. Bí ẹni náà bá yára, fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì á jọ sún kì, nítorí náà èsì ìpín náà kò ní yí padà púpọ̀.

Fáwẹ̀lì ń ran etí lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ní èdè Ítálì, fáwẹ̀lì tí ohùn tẹ̀ mọ́ máa ń gùn bí kò bá sí kọ́ńsónáǹtì tó pa sílébù rẹ̀ dé, tí kì í sì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ohun tí a lè sọ tẹ́lẹ̀ láti ara kọ́ńsónáǹtì ni. Wo camino (ibi ìdáná inú ilé) àti cammino (ìrìn). Sílébù «mi» inú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ohùn tẹ̀ mọ́, nítorí náà a tó wà níwájú kò rí àyè gùn nínú ọ̀kankan, síbẹ̀ m kan gùn, èkejì kúrú. Fi èdè Finland wé e: taka (ẹ̀yìn), takka (ibi ìdáná), taakka (ẹrù). Níbẹ̀, fáwẹ̀lì gígùn lè wà níwájú kọ́ńsónáǹtì gígùn, tí méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí irú taakka bẹ́ẹ̀ nínú èdè Ítálì.

Má gbẹ́kẹ̀ lé àkọtọ́. Àwa náà ń rí Offa àti Otta lára pátákó, kò sì sí ẹni tó ń fa f tàbí t níbẹ̀. Nínú èdè Ítálì, gn inú bagno máa ń gùn láàárín fáwẹ̀lì méjì láìsí kúkúrú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni z inú grazie tí wọ́n kọ ní ẹyọ kan, torí náà má kà wọ́n mọ́ àwọn kúkúrú.

Gbígba ohùn sílẹ̀ kò le: WAV, yàrá tó dákẹ́, gbólóhùn kan náà yí gbogbo ọ̀rọ̀ ká. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni àwọn mẹ́ta yẹn ti wá? Àwọn èdè ìbílẹ̀ ìhà àríwá, bíi ti Veneto, kò ní kọ́ńsónáǹtì gígùn yìí, ó sì lè hàn lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè Ítálì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ibẹ̀ wá, ya iye tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí o tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.