Kí ló dé tí yanrìn ò yọ́ tí wọ́n bá da àlúmíníọ̀mù sínú ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Níbi tí wọ́n ti ń rọ ìkòkò ládùúgbò wa l'Óṣogbo, wọ́n máa ń da àlúmíníọ̀mù tó ti yọ́ sínú yanrìn, yanrìn ò sì ní ṣe nǹkan kan. Tíṣà wa sọ pé nǹkan kofálẹ́ǹtì tètè máa ń yọ́, bẹ́ẹ̀ kofálẹ́ǹtì ni yanrìn. Iyọ̀ gbígbẹ ńkọ́, kí ló dé tí kì í gbé iná mànàmáná?

Ìdáhùn: Àbúrò, ohun tí tíṣà yín sọ bá ṣúgà mu, kò bá yanrìn mu. Kọ́kọ́ máa bèèrè pé, tí nǹkan bá ń yọ́, kí gan-an ni iná ń tú níbẹ̀?

Nínú mólékù ṣúgà kan, àwọn átọ́ọ̀mù jọ ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lò, wọ́n sì di ara wọn mú gan-an, kofálẹ́ǹtì nìyẹn, àmọ́ ohun tó so mólékù kan mọ́ èkejì ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, òun ni iná ń tú ní nǹkan bíi 186°C. Tó bá wá ń dúdú tó ń rú èéfín, kofálẹ́ǹtì gan-an ló ti ń já nìyẹn o, ó ti ń jóná.

Yanrìn ò ní mólékù kéékèèké. Sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan di sílíkọ́ọ̀nù méjì mú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so kọ́ra já gbogbo horo yanrìn, kò síbi tó rọ̀ tí iná máa gbà wọlé, àfi kí kofálẹ́ǹtì já, ìyẹn sì ń lọ sí 1,700°C. Àlúmíníọ̀mù ti yọ́ ní 660°C.

Ní ti àlúmíníọ̀mù, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta fún gbogbo wọn, àwọn yẹn ló ń rìn káàkiri tó sì so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tó bá yọ́, àwọn átọ́ọ̀mù kàn ń yọ̀ kọjá lára ara wọn ni, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé iná mànàmáná ní líle àti ní yíyọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá yọ́ kì í gbé e dáadáa tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n má lo 660 yìí fún gbogbo irin, tọ́ńsítẹ́ẹ̀nì ò ní yọ́ àfi ní 3,400°C àti díẹ̀.

Nínú iyọ̀, sódíọ̀mù fún kilórínì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ọ̀kan wá di pọ́sítíìfù, èkejì di nẹ́gátíìfù, wọ́n ń fa ara wọn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ títí dé 801°C. Àwọn pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù yìí là ń pè ní áyọ́ọ̀nù, wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ wọn ò lè kúrò lójú kan, ìyẹn ni iyọ̀ gbígbẹ ò fi gbé iná. Tó bá yọ́, tàbí tó bọ́ sínú omi, wọ́n á máa rìn.

O lè fi omi iyọ̀ àti omi ṣúgà dán an wò pẹ̀lú bátìrì 9 fóòtì, gílóòbù LED kékeré, àti rẹ́sísítọ̀ 470 ómù, torí tí rẹ́sísítọ̀ ò bá sí, LED á jó níbi tó o bá ti fi wáyà kan ṣíbí. Kọ́kọ́ dán omi nìkan wò, torí omi bọ́hólù ní mínírà tó lè jẹ́ kó tàn fẹ́ẹ́rẹ́, wàá wá rò pé ṣúgà ló gbé iná. Omi iyọ̀ máa hó díẹ̀ lẹ́nu wáyà, ó lè máa rùn bíi blíìṣì, gáàsì kilórínì nìyẹn, torí náà ṣe é síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, yọ wáyà kíá, má sì lo iná NẸ́PÀ rárá.